Kí Ni X Inú Àpótí Yìí Ń Sọ? Àtẹ Àṣẹ Tí Mánéjà Lè Kà, Tí Ọ́dítọ̀ sì Lè Yẹ̀ Wò

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, ìbéèrè náà kò sì gùn: bí a bá rí X nínú àpótí kan lórí àtẹ àṣẹ, kí ni X yẹn ń sọ gan-an? Gbogbo ẹni tó bá ti ṣe irú àtẹ yìí rí mọ bó ṣe máa ń rí. Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ á wà lápá òsì, àwọn àṣẹ inú ẹ̀rọ á tò lọ lókè, X á sì wà níbi tí ìlà àti òpó ti pàdé. Ó mọ́ tónítóní, mánéjà sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ọ́dítọ̀ á dé, á fi ìka kan àpótí kan ṣoṣo, á ní: "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí eléyìí?"

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àtẹ ti máa ń wó. X yẹn lè má jẹ́ irọ́ o, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ irú òtítọ́ tó jẹ́. Ó lè túmọ̀ sí pé ọ̀gá ẹ̀ka fọwọ́ sí i kí òṣìṣẹ́ náà ní àṣẹ yẹn. Ó lè túmọ̀ sí pé àṣẹ náà wà lára orúkọ ìwọlé rẹ̀ nínú ẹ̀rọ lónìí. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ṣe àtẹ kàn mọ̀ pé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ náà ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, ló bá tẹ X sí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, wọ́n sì lè ta ko ara wọn lọ́jọ́ kan náà. Ìbéèrè ọ́dítọ̀ yẹn ni mo fẹ́ gbà gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, kí n wá fi kọ́ àtẹ náà láti ìsàlẹ̀ wá.

## Orí àkọsílẹ̀ ni òtítọ́ wà

Butler Lampson ṣàpèjúwe àtẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà ní 1971: àwọn tó ń béèrè àṣẹ lápá kan, àwọn ohun tí wọ́n ń béèrè àṣẹ lé lórí lápá kejì, ohun tí wọ́n lè ṣe láàárín. Láti ìgbà náà wá, ìwọ̀nba ẹ̀rọ ló ń tọ́jú odindi àtẹ bẹ́ẹ̀ sínú ara rẹ̀, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àpótí náà ló ṣófo. Àkọsílẹ̀ gígùn ni ẹ̀rọ ń tọ́jú: ẹni báyìí, àṣẹ báyìí, ìlà kan fún ìkọ̀ọ̀kan. Bí a bá fẹ́ wo àtẹ, a ó ṣírò rẹ̀ jáde látinú àkọsílẹ̀ náà.

Ohun kan náà ló yẹ kí a ṣe lórí ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà. Kò gbọdọ̀ sí àpótí kankan lórí àtẹ tí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ tẹ nǹkan sí. Ọwọ́ ènìyàn á dúró lórí àkọsílẹ̀, fọ́múlà á sì ṣe àtẹ. Nígbà tí ọ́dítọ̀ bá fi ìka kan àpótí, ìdáhùn wà ńlẹ̀: àpótí yìí ka ìlà báyìí lórí ojú-ìwé báyìí, ìlà náà sì ní orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, ọjọ́, àti nọ́ńbà ìwé ìbéèrè.

Ojú-ìwé mẹ́ta ni ìpìlẹ̀. Mo sọ wọ́n lórúkọ láìfi àmì ohùn sí i kí ó lè rọrùn láti tẹ̀ wọ́n sínú fọ́múlà. `Eniyan` ni àkọsílẹ̀ ohun tí a fọwọ́ sí: òpó A jẹ́ orúkọ ìwọlé, B jẹ́ ipò, C ẹni tó fọwọ́ sí i, D ọjọ́, E nọ́ńbà ìwé ìbéèrè. `Ipo` ń sọ iṣẹ́ tí ipò kọ̀ọ̀kan ń gbà láàyè: A jẹ́ ipò, B jẹ́ iṣẹ́. `Jade` ni ohun tí a fà jáde látinú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: A orúkọ ìwọlé, B ipò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí `Eniyan` àti `Jade` dàpọ̀ láé. Ọ̀kan ni ohun tí a ní kó rí bẹ́ẹ̀, èkejì ni bó ṣe rí. Ẹni tó bá da `Jade` kọ sínú `Eniyan` kí iṣẹ́ lè yá ti pa ẹ̀rí rẹ̀ run, torí láti ìgbà náà lọ, àkọsílẹ̀ ìfọwọ́sí kàn ń tún ohun tí ẹ̀rọ sọ sọ ni.

## Ènìyàn mẹ́fà, iṣẹ́ márùn-ún

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀ka kékeré kan tó ń san owó fún àwọn olùtajà. Iṣẹ́ márùn-ún ló ṣe pàtàkì níbẹ̀: fífi orúkọ olùtajà tuntun sílẹ̀ (òpó B lórí àtẹ), yíyí nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì olùtajà padà (C), títẹ ínfọ́ìsì wọlé (D), fífọwọ́ sí ínfọ́ìsì (E), àti fífi owó ránṣẹ́ (F).

Ipò márùn-ún ló ń pín iṣẹ́ wọ̀nyí. Akọ̀wé ń tẹ ínfọ́ìsì wọlé. Olùtọ́jú ń fi orúkọ olùtajà sílẹ̀, ó sì ń yí nọ́ńbà àkáǹtì padà. Alábòójútó ń fọwọ́ sí ínfọ́ìsì. Akápò ń fi owó ránṣẹ́. Ìkarùn-ún ni Adelé, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìgbà tí àwọn kan bá wà lẹ́nu ìsinmi: ó lè tẹ ínfọ́ìsì wọlé, ó sì lè fọwọ́ sí i.

Ìlà méje ló wà lórí `Eniyan`: p01 àti p02 jẹ́ Akọ̀wé, p03 jẹ́ Olùtọ́jú, p04 jẹ́ Alábòójútó àti Adelé, p05 jẹ́ Akápò, p06 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jẹ́ Olùtọ́jú. Lórí àtẹ, orúkọ ìwọlé bẹ̀rẹ̀ láti A3 lọ sísàlẹ̀, orúkọ iṣẹ́ sì wà ní ìlà kejì. Fọ́múlà tó wà ní B3 nìyí, èyí tí a ó fà dé gbogbo àpótí yòókù:

```
=SUMPRODUCT((Eniyan!$A$2:$A$200=$A3)
 *COUNTIFS(Ipo!$A$2:$A$100,Eniyan!$B$2:$B$200,
           Ipo!$B$2:$B$100,B$2))
```

Ohun tó ń ṣe kò le. Fún ìlà kọ̀ọ̀kan lórí `Eniyan`, ó ń béèrè bóyá ipò tó wà níbẹ̀ ń gba iṣẹ́ orí òpó yìí láàyè. Ó wá ka kìkì àwọn ìlà tó jẹ́ ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní apá òsì. Nọ́ńbà ló ń fi sílẹ̀: 0, 1, 2. Mo rọ̀ yín, ẹ fi nọ́ńbà náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má sọ ọ́ di X.

Ìdí nìyí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Lábẹ́ "fífọwọ́ sí ínfọ́ìsì", p04 ní 2, nítorí ó ń gba ibi Alábòójútó débẹ̀, ó sì tún ń gba ibi Adelé. Bí mánéjà bá pinnu pé kí p04 má fọwọ́ sí ínfọ́ìsì mọ́, tí wọ́n sì gba ipò Alábòójútó lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ńbà náà á bọ́ sí 1. Kò tíì dé 0, agbára náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. X kì bá ti sọ èyí fún ẹnikẹ́ni: ó wà kí wọ́n tó yọ ipò, ó wà lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́, gbogbo ènìyàn á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Kí nọ́ńbà yìí lè péye, ipò kan àti iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí `Ipo`. Bí ẹnì kan bá kọ Akọ̀wé àti "títẹ ínfọ́ìsì wọlé" lẹ́ẹ̀mejì, 1 á di 2, a ó sì máa wá ọ̀nà kejì tí kò sí.

## Ohun tí mánéjà ń kà

Lókè òpó, ọ̀pọ̀ àtẹ ń gbé orúkọ tí ẹ̀rọ ń pè àṣẹ sí ibẹ̀, irú bíi `AP_VEND_MNT_02`. Mánéjà kò lè dáhùn ìbéèrè tí kò yé e, á kàn fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ pọ̀. Gbólóhùn tó ní ìṣe nínú ló yẹ kó wà níbẹ̀: "lè yí nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì olùtajà padà". Bí a bá ka orúkọ ìlà pọ̀ mọ́ orí òpó, kó di ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè gbà tàbí kọ̀.

Ìtumọ̀ láti orúkọ ẹ̀rọ sí gbólóhùn yẹn nílò ojú-ìwé tirẹ̀, ẹ pè é ní `Itumo`: orúkọ àṣẹ bí ẹ̀rọ ṣe kọ ọ́ ní òpó A, iṣẹ́ tí a kà á sí ní òpó B. Ọ́dítọ̀ máa ń dúró pẹ́ níbí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ibí ni a ti lè fi àṣìṣe pa nǹkan mọ́. Bí ẹnì kan bá túmọ̀ àṣẹ tó ń yí nọ́ńbà àkáǹtì padà sí "wíwo olùtajà", àtẹ á mọ́ tónítóní, á sì jẹ́ irọ́. Ẹ fa àkọsílẹ̀ gbogbo àṣẹ tó wà lábẹ́ ipò kọ̀ọ̀kan jáde láti inú ẹ̀rọ pẹ̀lú, kí ẹ sì ka iye èyí tí kò sí lórí `Itumo`. Iye yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Bí wọ́n bá fi àṣẹ tuntun kún ipò kan láàárín ọdún, kò sí ìlà kankan tó máa yí lórí `Eniyan` tàbí `Jade`, agbára gbogbo ẹni tó wà nípò náà á sì ti gbòòrò. Ibí nìkan la ti lè rí i.

Ẹ má ṣe kó gbogbo àṣẹ ẹ̀rọ síwájú mánéjà. Nínú ẹ̀rọ tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àṣẹ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gbé owó, tó ń yí àkọsílẹ̀ padà tàbí tó ń fún ẹlòmíràn ní àṣẹ. Àwọn wọ̀nyẹn ni kó di òpó. Bí òpó bá ti pọ̀ ju èyí tó lè hàn lórí bébà kan láìfún lẹ́tà pọ̀, mánéjà kò ní kà á dé òpin. Àwọn àṣẹ yòókù wà lórí `Itumo`, ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n lè lọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpótí òfìfo náà ṣe pàtàkì. Ó lè túmọ̀ sí "kò ní àṣẹ yìí", ó sì lè túmọ̀ sí "a ò tíì wò ó". Ìdí mìíràn rèé tí mo fi fẹ́ 0: fọ́múlà ló kọ ọ́, ó fi hàn pé ìbéèrè náà wáyé, ìdáhùn rẹ̀ sì ni rárá.

## Fífà á jáde

`Jade` ni ọ́dítọ̀ máa kọ́kọ́ fura sí, torí pé bí ìlà kan bá ti sọ nù nígbà tí a ń fa nǹkan jáde, gbogbo fọ́múlà tó wà lórí rẹ̀ á ṣírò dáadáa lórí ohun tí kò pé. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó fà á jáde, ìgbà wo, àṣẹ wo ló tẹ̀, ìlà mélòó ló jáde. Nínú dátábéèsì kékeré, àṣẹ náà lè má ju èyí lọ:

```
SELECT login, role_name
FROM user_roles
ORDER BY login, role_name;
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí `WHERE` níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi kún un pé kí ẹ̀rọ mú kìkì àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ wá. Àwọn tó ti lọ tí orúkọ ìwọlé wọn kò tíì kú sì ni ọ́dítọ̀ ń wá. Ẹ fa gbogbo rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àṣàyàn, ẹ ṣe é lórí ìwé, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.

Níbi tí ipò bá ti jẹ́ gúrúùpù nínú Active Directory, ètò Windows tó ń tọ́jú orúkọ ìwọlé àti gúrúùpù, gúrúùpù lè wà nínú gúrúùpù mìíràn. Àṣẹ PowerShell yìí láìsí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn á mú kìkì àwọn tó wà nínú gúrúùpù náà tààrà wá:

```
Get-ADGroupMember -Identity "Akapo" -Recursive
```

Pẹ̀lú `-Recursive`, ó ń wọ inú àwọn gúrúùpù tó wà nísàlẹ̀, ó sì ń kó gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ̀nà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà débẹ̀. Nítorí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà àti láìsí i. Ẹni tó bá hàn nínú èkínní tí kò hàn nínú èkejì gba inú gúrúùpù mìíràn wọlé.

Fáìlì tó jáde gbọ́dọ̀ wà ní ipamọ́ bó ṣe wà, lọ́tọ̀ sí ìwé tí a fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ `Get-FileHash Jade.csv`, kí ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí àti iye ìlà. Bí ẹnikẹ́ni bá yí lẹ́tà kan padà nínú fáìlì náà lẹ́yìn náà, èsì náà kò ní bára mu mọ́. Ẹ má sì tẹ fáìlì `.csv` lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i nínú Excel, torí ó máa ń gé òdo iwájú nọ́ńbà dànù: òṣìṣẹ́ `0417` á di `417`. Ẹ gbà á wọlé láti inú `Data`, kí ẹ sì sọ fún un pé òpó náà jẹ́ `Text`.

## Ìfiwéra lọ́nà méjèèjì

Wàyí o, nínú ẹ̀ka wa, ìlà mẹ́jọ ló jáde. A fọwọ́ sí méje, a rí mẹ́jọ. Ẹni tó bá fi iye nìkan wé iye á sọ pé ìyàtọ̀ kan ló wà, á sì jókòó wá ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ ká bi ìlà kọ̀ọ̀kan léèrè. Lórí `Jade`, ní òpó C:

```
=COUNTIFS(Eniyan!$A$2:$A$200,A2,Eniyan!$B$2:$B$200,B2)
```

Lórí `Eniyan`, ní òpó F:

```
=COUNTIFS(Jade!$A$2:$A$500,A2,Jade!$B$2:$B$500,B2)
```

Òdo lórí `Jade` túmọ̀ sí pé àṣẹ náà wà nínú ẹ̀rọ láìsí ìfọwọ́sí. Òdo lórí `Eniyan` túmọ̀ sí pé a fọwọ́ sí i ṣùgbọ́n kò sí nínú ẹ̀rọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, òdo méjì wà lórí `Jade`: p02 ní ipò Olùtọ́jú, p04 sì ní ipò Akápò. Òdo kan wà lórí `Eniyan`: p06 kò ní ipò Olùtọ́jú tí a fọwọ́ sí fún un. Ìlà mẹ́fà ló bára mu. Mẹ́fà àti méjì jẹ́ mẹ́jọ, mẹ́fà àti ẹyọ kan jẹ́ méje. Ìyàtọ̀ mẹ́ta ló wà níbi tí iye ti fi ẹyọ kan hàn. Bí p04 kò bá ní ipò Akápò yẹn ni, iye méjèèjì ì bá jẹ́ méje, ìyàtọ̀ méjì ì bá sì fara pamọ́ sábẹ́ wọn.

Ọ́dítọ̀ máa ń rìn ní ọ̀nà méjèèjì yìí pẹ̀lú. Á mú ìlà díẹ̀ látinú ẹ̀rọ, á wá ìfọwọ́sí wọn. Á sì mú díẹ̀ látinú ìwé, á wá wọn nínú ẹ̀rọ. Àyẹ̀wò kan wà tó yẹ kí ẹ fi sórí ojú-ìwé àkọ́kọ́: iye ìlà tó ju 0 lọ ní òpó C ti `Jade` gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú iye tó ju 0 lọ ní òpó F ti `Eniyan`. Mẹ́fà àti mẹ́fà. Bí wọn kò bá dọ́gba, ìlà kan ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì lápá kan.

`COUNTIFS` ní ìwà méjì tó yẹ ká mọ̀. Ó ń wo ọ̀rọ̀ tó jọ nọ́ńbà bíi nọ́ńbà, nítorí náà `0417` àti `417` jẹ́ ẹnì kan náà lójú rẹ̀, kódà bí ẹ bá ti tọ́jú òdo yẹn. Bí orúkọ ìwọlé yín bá jẹ́ nọ́ńbà lásán, ẹ fi lẹ́tà kan síwájú rẹ̀ lórí ojú-ìwé méjèèjì. Èkejì, àlàfo tó bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjì tó jọra má bára mu. `TRIM` ń yọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ń yọ irú àlàfo tó máa ń bá ọ̀rọ̀ tí a dà kọ láti ojú ìkànnì wá, èyí tí ẹ̀rọ ń pè ní `CHAR(160)`. `SUBSTITUTE` ló ń yọ ìyẹn. Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: orúkọ kan náà á jáde gẹ́gẹ́ bí òdo lápá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ipò kan náà, lẹ́tà kan náà lójú.

Ẹ ṣọ́ ibi tí àgbègbè fọ́múlà parí sí pẹ̀lú. `$A$200` kò mọ ìlà 201. Kò ní pariwo, kò ní sọ pé nǹkan ṣe. Ẹni náà kàn á di òdo káàkiri àtẹ. Bí ẹ bá sọ àkọsílẹ̀ di `Table` nínú Excel, àgbègbè náà á máa gùn fúnra rẹ̀.

## Ojú-ìwé tó bọ́ sọ́wọ́ mánéjà

A ṣe àtẹ lẹ́ẹ̀mejì: `Ate` látinú `Eniyan`, àti `AteJade` pẹ̀lú fọ́múlà kan náà tí a fi `Jade` rọ́pò `Eniyan` nínú rẹ̀. Ojú-ìwé `Ka` ló wá pa wọ́n pọ̀:

```
=IF(Ate!B3=AteJade!B3,Ate!B3,Ate!B3&"→"&AteJade!B3)
```

Ohun tí mánéjà rí nìyí:

```
       B     C     D    E    F
p01    0     0     1    0    0
p02   0→1   0→1    1    0    0
p03    1     1     0    0    0
p04    0     0     1    2   0→1
p05    0     0     0    0    1
p06   1→0   1→0    0    0    0
```

Òsì ọfà ni ohun tí a fọwọ́ sí, ọ̀tún ni ohun tó wà. Mo fẹ́ ọfà ju àwọ̀ pupa lọ, torí àwọ̀ kì í là á já bí wọ́n bá tẹ ìwé náà sórí bébà dúdú àti funfun, ẹni tí ojú rẹ̀ kì í mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé kò sì ní rí i. Ẹ lè fi àwọ̀ kún un, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wo p02 àti p06 pọ̀. Òpó kan náà ni ọfà wọn wà, wọ́n sì dojú kọra. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwé ìbéèrè tó yẹ fún p06 ni ẹni tó ń fi àṣẹ sínú ẹ̀rọ ṣe fún p02. Àṣìṣe kan ló bí ìyàtọ̀ méjì. Ìbéèrè tó tẹ̀lé e ló wá wúwo: láti ìgbà tí p06 ti dé, orúkọ ìwọlé ta ló fi ń ṣe iṣẹ́ olùtajà? Bí iṣẹ́ náà bá ń lọ láìdúró, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Ẹ wá a nínú àkọsílẹ̀ ìwọlé kí ẹ tó tún ohunkóhun ṣe, torí àtúnṣe lè bo ẹsẹ̀ tí ẹ fẹ́ tọ̀.

Ìlà p04 ló burú jù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Torí bẹ́ẹ̀ ni a fi pín sísan owó sí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnì kan má lè dá a ṣe tán. Nínú ẹ̀rọ, p04 lè tẹ ínfọ́ìsì wọlé, ó lè fọwọ́ sí i, ó sì lè fi owó ránṣẹ́. `Get-ADGroupMember` tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fi ọ̀nà hàn: p04 kò sí nínú gúrúùpù Akápò tààrà, ṣùgbọ́n gúrúùpù àwọn alábòójútó ni ẹnì kan ti fi sínú rẹ̀. Bí a bá yọ p04 nìkan, alábòójútó tó bá dé lọ́la á tún gba ọ̀nà yẹn wọlé. Gúrúùpù náà ni ká yọ.

Àwọn ìforígbárí báyìí nílò ojú-ìwé kékeré tiwọn, ìlà kan fún iṣẹ́ méjì tí kò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Fún títẹ ínfọ́ìsì wọlé àti fífọwọ́ sí i:

```
=IF(AND(AteJade!D3>0,AteJade!E3>0),"ija","")
```

Ẹ ṣe é lórí `AteJade`, kí ẹ sì tún ṣe é lórí `Ate`. Ìjà tó bá hàn lórí `AteJade` nìkan jẹ́ àṣìṣe ẹ̀rọ. Èyí tó bá hàn lórí `Ate` jẹ́ pé àwa fúnra wa la fọwọ́ sí i. D àti E ti p04 wà lórí méjèèjì, Adelé ló fà á, kò sì sí ọfà kankan tó máa tọ́ka sí i lórí `Ka`. Ìfiwéra kò lè rí i láé, nítorí ìwé àti ẹ̀rọ gbà fún ara wọn.

## Lẹ́yìn ìfọwọ́sí

Níwájú ìyàtọ̀ àti ìjà kọ̀ọ̀kan, mánéjà á yan ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì, "fi sílẹ̀" tàbí "yọ", látinú `Data Validation`, á sì kọ ìdí rẹ̀ bó bá jẹ́ "fi sílẹ̀". Ìfọwọ́sí kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ìwé kò tó. Kò fi hàn pé ó wo ìlà p04. Òfin kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó yẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìlà ara rẹ̀. `=Eniyan!A2=Eniyan!C2` tó láti mú un, bí a bá kọ ẹni tó fọwọ́ sí i pẹ̀lú orúkọ ìwọlé.

Ìwé ìbéèrè tí wọ́n kọ "ó ti parí" sí kì í ṣe ẹ̀rí pé àṣẹ náà ti kúrò. Ẹ̀rí ni fífà á jáde lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú àṣẹ kan náà, fáìlì tuntun, wákàtí tuntun. Ìlànà PCI DSS tí ó wà fún àwọn tó ń tọ́jú ìsọfúnni káàdì ìsanwó ní kí irú àyẹ̀wò yìí wáyé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà. Fún ipò tó ń fi owó ránṣẹ́, èmi a fẹ́ kó jẹ́ oṣù mẹ́ta.

Nínú ẹ̀ka wa, wọ́n gba ipò Olùtọ́jú lọ́wọ́ p02, wọ́n fún p06, wọ́n sì yọ gúrúùpù àwọn alábòójútó kúrò nínú gúrúùpù Akápò. Ìlà méje ló jáde lẹ́ẹ̀kejì, méjèèje bára mu lápá méjèèjì, kò sí ọfà kankan mọ́ lórí `Ka`. Ìlà p04 wá kà báyìí: 0, 0, 1, 2, 0. Ìjà orí D àti E ṣì wà níbẹ̀. Mánéjà yan "fi sílẹ̀", ìdí rẹ̀ sì ni pé ẹnì kan wà lẹ́nu ìsinmi. Nítorí náà a fi òpó G kún `Eniyan` fún ọjọ́ tí àṣẹ máa parí, a kọ ọjọ́ tí ẹni náà máa padà síbẹ̀ fún ìlà Adelé ti p04, àpótí kan lójú-ìwé àkọ́kọ́ sì ń ka iye ìlà tí ọjọ́ wọn ti kọjá tí wọ́n ṣì wà nínú ẹ̀rọ:

```
=COUNTIFS(Eniyan!$G$2:$G$200,"<"&TODAY(),Eniyan!$F$2:$F$200,">0")
```